Bíbo Táátù, Àmì Abímọ́ àti Àpá Mọ́lẹ̀ Lára Aláwọ̀ Dúdú

Yíǹkì dúdú ni wọ́n fi ń ya ọ̀pọ̀ táátù, ṣùgbọ́n bí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná tán, dúdú kọ́ ni ojú ń rí níbẹ̀ mọ́. Ó máa ń rí bí aró tó ti ṣá díẹ̀, tàbí bí àwọ̀ ewé tó ti gbó. Ibi tí yíǹkì náà wà ló fà á. Abẹ́rẹ́ ẹni tó ń ya táátù kì í fi yíǹkì sílẹ̀ lókè awọ. Ó ń gbé e lọ sí awọ ìsàlẹ̀, ní nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2, níbi tí kò ti ní bá awọ òkè bó dànù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú ara kì í sì í rìn bákan náà. Apá tó pupa nínú rẹ̀ máa ń wọlé jìnnà títí yíǹkì yóò fi gbé e mì. Apá tó jẹ́ àwọ̀ aró kì í lè rìn jìnnà, ojú ọ̀nà ló ti ń tú ká, tó sì ń padà sí ojú ẹni tó ń wò. Ohun kan náà ló ń fa àbàwọ́n aláwọ̀ aró tí ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú máa ń gbé wá sáyé ní ìdí tàbí ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Kò sí aró kankan níbẹ̀. Mẹ́láníìnì, èròjà tó ń mú ara dúdú, ló wà nísàlẹ̀ ju ibi tí a sábà máa ń bá a lọ. Ti ọmọ máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ti táátù kì í lọ.

Ẹni tí kò bá mọ èyí ló máa ń ra fandéṣọ̀n tó bá ara rẹ̀ mu rẹ́gí, tó fi kun orí táátù, tó sì wá rí i pé ibẹ̀ ti di eléérú. Yóò tún kun òmíràn lé e. Ibẹ̀ yóò nípọn sí i, síbẹ̀ eérú náà kò ní lọ. Àwọ̀ ara ènìyàn dúdú jẹ́ àpapọ̀ pupa, ìyeyè àti dúdú. Bí a bá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwọ̀ aró, aró yóò pa pupa àti ìyeyè inú rẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́kù ni eérú. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í bo táátù ní ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ pa aró náà, wọ́n á tó wá fi àwọ̀ ara lé e.

Àwọ̀ tó ń pa aró ni àwọ̀ ọsàn, nítorí pupa àti ìyeyè ló para pọ̀ di ọsàn, àwọn méjèèjì yìí gan-an ni aró kò sì ní. Bí a bá fi ọsàn lé aró, ìkíní yóò pa ìkejì, ohun tó kù yóò sì súnmọ́ àwọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọsàn ju oríṣi kan lọ, ara tí yóò gbé e ló ń sọ èyí tó yẹ. Fún ẹni tó pupa, ọsàn tó rọ̀, tó dà bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ti tó. Fún ẹni tí ara rẹ̀ wà láàárín, ó gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó dúdú dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di pupa bí bíríkì tí a sun. Bí a bá fi ọsàn rírọ̀ kun ara dúdú, funfun inú rẹ̀ yóò tún bí eérú mìíràn. Bí a bá fi pupa bíríkì kun ara pupa, yóò yọ jáde lábẹ́ gbogbo ohun tí a bá fi bò ó.

Àmì tí kì í ṣe táátù ní òfin tirẹ̀. Àmì abímọ́ kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lábẹ́ awọ máa ń fà. Lára òyìnbó, ó máa ń pupa bí wáìnì, àwọ̀ ewé ni wọ́n sì fi ń pa á. Lára ènìyàn dúdú, àmì kan náà máa ń rí bí àlùkò tàbí bí pupa tó ti ṣókùnkùn. Àwọ̀ ewé kò ṣe é ṣe sí èyí, àyàfi bí ẹni náà bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ dà bí ti aláìsàn. Ìyeyè tó ní ọsàn díẹ̀ nínú ló bá a mu. Àpá tó dúdú ju ara lọ, irú èyí tí oówo tàbí ẹ̀fọn máa ń fi sílẹ̀, ọsàn náà ló ń gbọ́ tirẹ̀. Àpá iná tàbí ibi tí àwọ̀ ti bó kúrò lára, tó wá funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kò nílò ìparun àwọ̀ rárá. Ohun tó ṣe aláìní ni àwọ̀, a ó sì kàn fi àwọ̀ ara kún un ní ìpele tín-ín-rín méjì tàbí mẹ́ta.

Ìpara tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí fandéṣọ̀n ojoojúmọ́. Èròjà àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, epo àti ìda ló sì gbé e dúró, nítorí náà ó le, omi kì í sì í tètè ṣí i. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Lydia O'Leary, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà. A bí i pẹ̀lú àmì pupa ńlá ní ojú, àmì yìí sì di ìdènà fún un nígbà tó ń wá iṣẹ́ ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ó po ìpara tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Covermark, ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní ọdún 1932. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Dermablend fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ kun Rick Genest, ọkùnrin ará Kánádà tí táátù egungun bo orí àti ara rẹ̀, wọ́n sì gba fídíò bó ṣe ń nù ún kúrò. Lójú ẹni tó wò ó, ó dà bí ìgbà tí egungun ń yọ láti inú ènìyàn.

Àwọn ìpara àtijọ́ wọ̀nyí kò ṣe ènìyàn dúdú lóore púpọ̀. Èròjà tó ń jẹ́ kí wọ́n lè bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni títéníọ́ọ̀mù dayọ́ksáìdì, ìyẹ̀fun kan tó funfun ju ẹfun lọ. Lára òyìnbó, funfun yìí kò ṣe nǹkan kan. Lára ènìyàn dúdú, òun ni eérú tí a ń sá fún. Ìpara tó dára fún ara dúdú ni èyí tí agbára ìbonímọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ara èròjà irin tó dógùn-ún wá, pupa, ìyeyè àti dúdú, tí ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ sì kéré. Ẹni tó fẹ́ rà á lè dán an wò lójú ẹsẹ̀. Kí ó fi ìka tẹ díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí ó fà á fẹ́lẹ́, kí ó sì wo etí rẹ̀ níta gbangba. Bí etí náà bá funfun bí ara tí ọyẹ́ mú, kí ó dá a padà.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí iṣẹ́ náà yéni. Ìyàwó kan ní Ìbàdàn fẹ́ wọ aṣọ funfun aláìléjìká wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òdòdó tí wọ́n fi yíǹkì dúdú yà sí i léjìká òsì ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ara rẹ̀ dúdú níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó sì ní pupa díẹ̀ nínú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni aṣaralóge ti gbọ́dọ̀ rí i. Ìpàdé yìí ni yóò fi wá àwọ̀, òun náà ni yóò fi fi ìpara díẹ̀ sí abẹ́ ìgúnpá rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́. Ara tó bá máa yún tàbí tó máa wú kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀ ìgbéyàwó.

Ibi tí a ó ti wá àwọ̀ ṣe pàtàkì. Ojú ènìyàn, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ kì í sábà jẹ́ àwọ̀ kan, nítorí oòrùn kì í pa wọ́n bákan náà. Ẹ̀bá táátù náà gan-an ni aṣaralóge yóò ti fa ìlà mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpara tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ara wọn. Yóò mú ìyàwó náà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú 10, nítorí àwọ̀ ìpara máa ń yí díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i. Ìlà tí ojú bá wá tì ni ìlà tó tọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àárín méjì ló wà, yóò po àwọn méjèèjì pọ̀, yóò sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Iná mànàmáná inú yàrá kò ṣe é fi ṣe ìdájọ́ yìí, torí gílóòbù tó pupa máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ náà, iṣẹ́ yóò gba bí wákàtí kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí ìyàwó tó wọ aṣọ. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ èjìká náà, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi ìpara tí kò lépo pa á, wọ́n á sì dúró kí ara mu ún tán. Ara tó ń yọ̀ kì í di nǹkan mú, ara tó gbẹ jù sì máa ń fa ìpara jọ sójú kan. Lẹ́yìn náà ni ọsàn. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan tó fún gbogbo òdòdó náà. Aṣaralóge á fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kékeré gbé e sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó lè yọ́, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e lé orí yíǹkì nìkan. Ara tí kò ní yíǹkì kò nílò ọsàn. Bí ọsàn bá jáde kọjá ìlà òdòdó náà, yóò di iṣẹ́ mìíràn láti bò ó.

Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ìpara yìí, wọn kì í fà á. Ìka tàbí fóòmù yóò máa kan ara lókèlókè, bí ẹni tó ń fi ìka gbá orí ìlù jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fà á yóò kó èyí tó ti kọ́kọ́ fi síbẹ̀ kúrò. Nígbà tí ọsàn bá ti wà níbẹ̀, kò yẹ kí táátù náà ti parẹ́ pátápátá. Ó yẹ kí ó dà bí òjìji tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí kò ní aró nínú mọ́. Ẹni tó bá ń fi ọsàn kún ọsàn títí ìlà òdòdó fi lọ ti fi pupọ̀ jù sí i, yóò sì rí ọsàn náà nínú fọ́tò.

Àtíkè tí kò ní àwọ̀ ló kàn. Wọ́n á fi fóòmù tẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5 kí ó fa epo inú ìpara, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn èyí tó ṣẹ́kù dànù. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò. Láìsí àtíkè láàárín, ìpara àwọ̀ ara tó ń bọ̀ yóò bá ọsàn pò, gbogbo rẹ̀ yóò sì di pupa ràkọ̀ràkọ̀. Àtíkè ni ògiri láàárín àwọn méjèèjì.

Nígbà náà ni wọ́n á tó fi àwọ̀ ara tí wọ́n ti yàn lé e, ní ìpele tín-ín-rín, pẹ̀lú títẹ̀ kan náà. Èyí gbọ́dọ̀ kọjá ìlà táátù ní ìwọ̀n ìka kan yípo. Fóòmù tí kò ní ìpara ni wọ́n á fi máa tẹ etí rẹ̀ títí yóò fi tín-ín-rín di òfo. Etí tó dúró bí etí bébà ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, àní bí àwọ̀ bá tiẹ̀ tọ́. Àtíkè lẹ́ẹ̀kan sí i, ìṣẹ́jú 10 lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n sì gbọn ún. Bí òjìji òdòdó náà bá ṣì yọ, ìpele kejì tó tín-ín-rín yóò tẹ̀lé e, pẹ̀lú àtíkè tirẹ̀. Bí ìpele kẹta bá di dandan, ó ṣeé ṣe kí ọsàn ìsàlẹ̀ má tó, ó sì sàn kí wọ́n nù ún kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ju kí wọ́n máa mọ ọ́n bí amọ̀ lọ.

Títí dé ibi yìí, àwọ̀ nìkan ni wọ́n ti rí ṣe. Ẹni tó bá súnmọ́ ìyàwó náà yóò ṣì mọ̀ pé nǹkan wà léjìká rẹ̀, nítorí ibẹ̀ dán bí abọ́ tí a kùn, tàbí kí ó gbẹ bí ògiri tí a rẹ́, nígbà tí ara tó yí i ká jẹ́ ara ènìyàn. Apá yìí ló nira jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ohun tí a sì fi ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́ nìyí. Ojú ara kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá wo èjìká dúdú dáadáa, a ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń gba ara wọn kọjá, ihò irun, àwọn ojú kéékèèké tó dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ, àti òmíràn tó pupa díẹ̀. Ìpara ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, a sì gbọ́dọ̀ dá a padà.

Ohun tí wọ́n ń lò ni fóòmù líle tó ní ihò gbàràgàdà, irú èyí tí a lè gé lára kànìnkànìn tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Wọ́n á gé e láìdọ́gba, kí etí rẹ̀ má ba à fi àmì igun sílẹ̀. Wọ́n á fi kan ìpara tó dúdú ju àwọ̀ ara ní ìwọ̀n díẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ ẹ́ sórí bébà kí púpọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì wá fi tẹ orí ibi tí a bò nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á máa yí ọwọ́ pa dà kí tó ìṣáájú má baà jọ tó ìkẹyìn. Wọ́n á tún ṣe bákan náà pẹ̀lú àwọ̀ tó pupa díẹ̀. Àmì kéékèèké wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọjá sí ara gidi lẹ́bàá ibẹ̀, kí ojú má baà rí ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nítòsí, ó lè dà bí ẹni pé wọ́n da ìdọ̀tí sí i. Bí a bá sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, ó ti di ara.

Dídán ló kù. Yorùbá ń pe ènìyàn dúdú tí ara rẹ̀ ń dán ní adúmáadán, ọ̀rọ̀ náà sì ti sọ gbogbo ìṣòro tán: dúdú àti dídán kì í ya ara wọn. Àtíkè máa ń pa dídán. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kan èjìká ìyàwó náà, ara gidi yóò dán, ibi táátù yóò sì ṣókùnkùn láàárín rẹ̀ bí ihò. Òróró kò ṣe é fi tún un ṣe, yóò yọ́ ìpara náà. Wọ́n máa ń fọ́n omi ìfọ́n tó ń de méékọ́ọ̀pù mọ́ ara sí i láti ìwọ̀n gígùn apá kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á tún fọ́n ọn. Èyí yóò mú kí àtíkè wọnú ìpara. Bí dídán kò bá sì tíì tó, ara gidi tó yí i ká ni wọ́n á fi àtíkè díẹ̀ kàn kí méjèèjì lè bá ara mu. Ó rọrùn láti dín dídán ara kù ju láti dá a padà sórí ìpara lọ.

Àpá tó wú tàbí tó jin ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń dé òpin agbára rẹ̀. Ìpara lè yí àwọ̀ padà, kò lè sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kílọ́ìdì, àpá tó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́ tó bí i, èyí tó sì wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú ju òyìnbó lọ, yóò máa ju òjìji sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ bá ara mu pátápátá. Ojú rẹ̀ tún máa ń dán nítorí kò ní irun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ní ihò irun. Ìpara kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kí àtíkè sì pọ̀. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ sinimá máa ń lò: wọ́n á fi àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ kun orí ibi tó wú, wọ́n á sì fi èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kun ibi tí òjìji rẹ̀ ń ṣú sí. Ojú yóò gbà pé ibẹ̀ tẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa wá. Bí ẹni náà bá yíjú sí òmíràn, ìmọ́lẹ̀ yóò wà níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ̀tàn náà yóò sì tú.

Àpá tó jin, bíi pélé tàbí gọ̀m̀bọ́ tó wọnú ẹ̀rẹ̀kẹ́, rí bákan náà. Òjìji inú ìlà ló ń jẹ́ kí ilà hàn, nígbà mìíràn ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ tí a fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà lè mú un rọ̀ nínú fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó tẹ́ gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí i, ìda tàbí sílíkónì tí wọ́n ń lò nínú eré sinimá, kí ó sì fi fóòmù oníhò tẹ ojú ara sórí rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ojú máa ń rìn nígbà tí ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín tàbí ń jẹun, ìda kò sì lè bá a rìn fún gbogbo ọjọ́. Fún ìran kan nínú sinimá, ó tó. Fún àríyá wákàtí mẹ́fà, kò tó.

Kí ìyàwó tó jáde nílé, àyẹ̀wò méjì ló kù. Ìkíní ni láti wò ó níta lójú ọ̀sán. Ìkejì ni láti fi fóònù tàbí kámẹ́rà tó ní fíláàṣì yà á. Títéníọ́ọ̀mù àti sílíkà inú àwọn àtíkè kan máa ń ju iná fíláàṣì padà, ohun tí kò sì hàn sójú rárá yóò di ojú funfun báláúbáláú nínú fọ́tò. Ọ̀pọ̀ àlíbọ́ọ̀mù òde àríyá ló ní ìyá tí ojú rẹ̀ funfun tí ọrùn rẹ̀ sì dúdú, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọ̀ fandéṣọ̀n rẹ̀ kò bá a mu.

Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Bí ibẹ̀ bá di eérú, ọsàn kò tó, tàbí ìyẹ̀fun funfun ti pọ̀ jù nínú ìpara. Bí ó bá pupa, ọsàn pọ̀ jù, tàbí kí àtíkè àárín má sí. Bí ó bá ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ìpele ti nípọn jù, èyí sì máa ń tètè ṣẹlẹ̀ ní ìgúnpá, ọrùn ọwọ́ àti ibi gbogbo tí ara ti ń ká. Bí ó bá ń yọ̀ kúrò ní ojú kan, ìpara ara tí wọ́n fi pa á ṣáájú kò tíì gbẹ. Òógùn nìkan kì í sábà ṣí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa. Fífi ọwọ́ nù ún ló ń ṣí i, ó sì tọ́ kí wọ́n sọ fún ìyàwó náà pé kí ó máa fi áńkáṣífù tẹ òógùn, kí ó má fi í nù. Aṣọ funfun tó bá ń ha ibẹ̀ náà yóò gba àwọ̀ bó ti wù kí àtíkè pọ̀ tó, nítorí náà kí etí aṣọ má kan táátù.

Àwọn ibì kan wà tí kò yẹ kí ìpara yìí dé. Ọgbẹ́ tó ṣì ń ṣomi kò gbọ́dọ̀ rí i. Táátù tuntun náà kò gbọ́dọ̀ rí i títí ara yóò fi san pátápátá, èyí tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmì dúdú tó ń tóbi sí i, tó ń yí àwọ̀ padà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nílò dókítà kí ó tó nílò aṣaralóge, torí ohun tí a bá bò lójoojúmọ́ ni a kì í kíyè sí. Bíbó ara kì í ṣe àrọ́pò iṣẹ́ yìí rárá. Kì í lọ bá yíǹkì ní awọ ìsàlẹ̀, ara tó yí táátù ká ló ń sọ di pupa, yíǹkì náà yóò sì wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìpara tí wọ́n fi mẹ́kúrì sí lè tún ba kíndìnrín jẹ́.

Ní alẹ́, omi àti ọṣẹ nìkan kò ní ṣí i. Epo ló gbé ìpara náà dúró, epo náà ni yóò tú u. Òróró àgbọn tàbí òróró ìpara ọmọdé ni wọ́n ń fi pa ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí wọ́n tó fi òwú rírọ̀ nù ún láìha ara, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Òwú àkọ́kọ́ yóò gbé àwọ̀ ara kúrò, èkejì yóò mú ọsàn jáde, òdòdó náà yóò sì tún hàn bó ṣe wà ní àárọ̀.